Ẹnjiníà tó ní láísẹ́ǹsì: bá a ṣe ń kọ ìwọ̀n iṣẹ́, rẹ́kọ́dù ààbò àti ìforúkọsílẹ̀ sínú síívì (ìbéèrè àti ìdáhùn)

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí làwọn ẹnjiníà máa ń bi mí jù tí wọ́n bá ń kọ apá ìrírí iṣẹ́ nínú síívì wọn. Mo ti bá wọn jókòó yẹ síívì ẹnjiníà wò dáadáa, mo dẹ̀ mọ ibi tójú ẹni tó ń kà á máa ń dúró sí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni màá fi ṣàpẹẹrẹ látòkè délẹ̀, kó má bàa tú ká: afárá orí odò, gígùn rẹ̀ mítà 180, abala 6, abala kọ̀ọ̀kan mítà 30, ẹnjiníà tá a dẹ̀ ń sọ ló ṣe olórí iṣẹ́ ìpìlẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀gá mi, ṣé iye owó iṣẹ́ ni kí n fi sọ bó ṣe tóbi tó, àbí nǹkan mìíràn?

Owó ò burú, ẹ lè kọ ọ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó dá wà. Owó tí wọ́n fi kọ́ afárá lọ́dún 2008 kọ́ ni wọ́n máa fi kọ́ irú rẹ̀ lónìí, tẹ́ni tó ń kà á bá dẹ̀ wà lórílẹ̀-èdè mìíràn ó máa ní láti jókòó ṣírò pàṣípààrọ̀ owó kó tó mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ, kò sì ní ráyè ìyẹn. Owó tún lè pọ̀ torí pé wọ́n san owó ilẹ̀ fáwọn èèyàn tàbí torí pé ibẹ̀ jìnnà, kó má sì sí nǹkan kan tó le nínú iṣẹ́ ẹnjiníà fúnra rẹ̀.

Ohun tí ẹnjiníà ẹgbẹ́ yín ń wá ni ohun téèyàn lè wọ̀n. Fún afárá, ẹ kọ gígùn àpapọ̀, iye abala, àti gígùn abala tó gùn jù. Ìkẹta yẹn làwọn èèyàn máa ń gbàgbé, òun ló dẹ̀ ṣe pàtàkì jù, torí afárá mítà 180 tó ní abala 6 kì í ṣe ẹgbẹ́ afárá mítà 180 tó fo odò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìní òpó láàárín, iṣẹ́ méjèèjì ò jọra rárá. Ẹni tó ń ṣe omi á kọ iye mítà kúbíìkì tí wọ́n ń tọ́jú lójúmọ́, ẹni tó ń ṣe iná á kọ fóltéèjì àti agbára tiransifọ́mà. Ẹ wo ohun táwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn máa ń kọ́kọ́ bi ara wọn tí wọ́n bá pàdé, òun ni kẹ́ ẹ kọ.

Afárá yẹn tóbi, àmọ́ ìpìlẹ̀ nìkan ni mo ṣe. Tí mo bá kọ ìpìlẹ̀ nìkan, ṣé kò ní kéré jù?

Kò ní kéré. Ohun tó máa ń bà síívì jẹ́ gan-an ni kéèyàn gbé gbogbo afárá sórí ara rẹ̀, tẹ́ni tó ń kà á wá rí i pé ọdún kan àtààbọ̀ péré lẹ lò níbẹ̀, ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ náà nínú gbólóhùn kúkúrú kan kí wọ́n lè mọ ibi tẹ́ ẹ ti wá, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá kọ tiyín kẹ́ ẹ sì fara balẹ̀ síbẹ̀.

Nínú àpẹẹrẹ wa, apá ti ẹnjiníà yẹn ni páìlì 48 tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n sì da kọnkéré sí, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan mítà 1.2, jíjìn rẹ̀ mítà 25 tá a bá pín in dọ́gba. Èèyàn 60 ló wà lábẹ́ rẹ̀, tá a bá ka àwọn ti kọntirakítọ̀ kékeré mọ́ ọn. Ẹnjiníà tó bá ti gbẹ́ páìlì rí, kò tíì parí gbólóhùn yẹn tó fi máa mọ irú maṣíìnì tẹ́ ẹ lò, á mọ pé ẹ ní láti di ihò mú kó má wó lulẹ̀ nínú omi, á sì mọ irú wàhálà tẹ́ ẹ rí. «Mo ṣiṣẹ́ lórí afárá ńlá» ò lè sọ ìkankan nínú ìyẹn fún un.

Ta ló máa mọ̀ tí mo bá fi kún un díẹ̀?

Ẹni tó ní kakuléétọ̀. Mi ò fi ṣàwàdà o, báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Páìlì tó fẹ̀ ní mítà 1.2, ojú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 1.13. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 25, ó di nǹkan bíi mítà kúbíìkì 28 fún páìlì kan. Páìlì 48 máa gba nǹkan bíi 1,360. Ká wá sọ pé ẹnì kan kọ ọ́ sínú síívì pé mítà kúbíìkì 5,000 ni kọnkéré tóun dà sínú páìlì 48 wọ̀nyẹn, kò sí bó ṣe lè bára mu. Lóòótọ́, kọnkéré máa ń lọ ju ìṣirò lọ díẹ̀ torí ilẹ̀ kì í gbẹ́ gẹ́rẹ́gẹ́, àmọ́ kì í lọ tó ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tó ń kà á lè má sọ nǹkan kan, á kàn gbé síívì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Torí náà kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ṣe ìṣirò yẹn fúnra yín. Iye tẹ́ ẹ kọ gbọ́dọ̀ bára wọn mu: iye páìlì, jíjìn, kọnkéré, oṣù, iye òṣìṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, lórí ọ̀rọ̀ ààbò, ṣé mo lè kàn kọ pé «kò sí ìjàǹbá kankan»?

Tó bá jẹ́ òótọ́, ẹ kọ ọ́, àmọ́ ẹ kọ iye wákàtí tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ tì í. Láìsí wákàtí, ọ̀rọ̀ yẹn ò ní ìdí. Èèyàn 10 tó ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, wákàtí 50 lọ́sẹ̀, wákàtí 3,000 péré nìyẹn, kéèyàn má farapa láàárín ìgbà yẹn kò sọ púpọ̀ nípa bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe ààbò. Tó bá jẹ́ wákàtí 500,000, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

Ẹ tún sọ irú ìjàǹbá tí kò sí. «Kò sẹ́ni tó farapa débi tí kò fi lè wá síbi iṣẹ́» yàtọ̀ sí «kò sẹ́ni tó farapa». Ẹni tó mọ iṣẹ́ sáìtì tó bá rí i pé ẹ sọ pé ẹnikẹ́ni ò gé ọwọ́ fún ọdún kan àtààbọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gé irin tí wọ́n ń so irin lójoojúmọ́, ohun tó máa rò ni pé àwọn òṣìṣẹ́ yín ń fi ìpalára pamọ́ torí ìbẹ̀rù. Ìyẹn dẹ̀ burú ju kẹ́ ẹ kọ méjì lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ́kọ́dù ààbò tí wọ́n máa ń kọ TRIR yẹn?

Ẹ máa ka iye ìpalára tó yẹ ní kíkọ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 200,000, ẹ wá fi gbogbo wákàtí tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ pín in.

```
TRIR = (iye ìpalára × 200000) / wákàtí iṣẹ́
```

Iye 200,000 yẹn ò ṣàdédé wá, wákàtí tí òṣìṣẹ́ 100 máa ṣe lọ́dún kan ni, tí kálukú bá ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 50. Torí náà èsì yẹn ń sọ pé nínú èèyàn 100, mélòó ló farapa láàárín ọdún kan.

Níbi afárá wa, èèyàn 60, wákàtí 50 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 80: wákàtí 240,000. Èèyàn méjì ló farapa. Irin gé ẹnì kan lọ́wọ́, wọ́n rán an ní ọsibítù, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹnì kejì fẹsẹ̀ gbá etí ihò, egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sán, ó lo ọjọ́ 9 nílé. 2 lọ́nà 200,000 pín sí 240,000, ó jẹ́ 1.67.

Ẹlòmíì sọ pé tèmi jẹ́ 4.17, ìwọ sọ pé 1.67. Ta ló ń parọ́?

Kò sẹ́ni tó ń parọ́, ìwọ̀n méjì ni. Ní Amẹ́ríkà wákàtí 200,000 ni wọ́n fi ń ṣe é, àmọ́ ọ̀pọ̀ ibòmíràn mílíọ̀nù kan wákàtí ni wọ́n ń lò, pàápàá fún LTIFR, èyí tó jẹ́ pé àwọn tí ìpalára mú kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń kà. Tẹ́ ẹ bá ka ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sán nìkan, 1 lọ́nà 1,000,000 pín sí 240,000, ẹ máa rí 4.17. Ẹni kan náà yẹn, tẹ́ ẹ bá fi 200,000 ṣe é, 0.83 ni. Sáìtì kan, ẹsẹ̀ kan tó sán, iye méjì tó jìnnà síra.

Ẹ wá wò ó pé ẹ kọ 0.83 sínú síívì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń lo mílíọ̀nù kan, tí wọ́n sì rí i lẹ́yìn náà. Wọ́n máa rò pé ẹ fẹ́ fi rú wọn lójú ni. Ẹ máa kọ ìwọ̀n tẹ́ ẹ lò tì í nígbà gbogbo, «fún wákàtí 200,000» tàbí «fún mílíọ̀nù kan wákàtí», ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ni.

Ẹ sì kọ iye èèyàn gangan mọ́ ọn. Lórí wákàtí 240,000, ẹyọ ìpalára kan ṣoṣo ló ń gbé TRIR sókè tàbí sílẹ̀ pẹ̀lú 0.83, torí náà kí 1.67 má dá wà bíi pé ó péye tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí kọntirakítọ̀ kékeré kó wá ńkọ́? Ṣé kí n ka tiwọn mọ́ ọn?

Ibí yìí gan-an ni rẹ́kọ́dù ààbò ti sábà máa ń wọ́. Òfin ibẹ̀ rọrùn: àwọn tẹ́ ẹ ka wákàtí wọn náà lẹ gbọ́dọ̀ ka ìpalára wọn.

Nínú 60 yẹn, ká ní 36 jẹ́ ti ilé iṣẹ́ yín, 24 jẹ́ ti àwọn aso-irin tí kọntirakítọ̀ kékeré kó wá. Wákàtí àwọn 36 yẹn jẹ́ 144,000, ti àwọn 24 jẹ́ 96,000. Ẹni tí irin gé lọ́wọ́ jẹ́ tiyín, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sán jẹ́ tiwọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ti ilé iṣẹ́ yín nìkan, ìpalára 1 lórí wákàtí 144,000, ó jẹ́ 1.39. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ti gbogbo sáìtì, 2 lórí 240,000, 1.67. Èyí tí ò dáa ni kẹ́ ẹ yọ ẹlẹ́sẹ̀ sísán kúrò kẹ́ ẹ sì fi wákàtí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó máa di 0.83, ó máa dùn ún wò, irọ́ sì ni. Èmi ò gbà pé èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe é, àní tó bá jẹ́ bí ọ́fíìsì ṣe fún un nìyẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe ṣe é kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ yín.

Èmi á ní kẹ́ ẹ lo ti gbogbo sáìtì, torí tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń pàṣẹ fáwọn aso-irin yẹn láràárọ̀, ọwọ́ yín ni ààbò wọn wà.

Ìpalára wo ni wọ́n ń kà, èwo ni wọn kì í kà?

Nínú òfin Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá ń tẹ̀ lé kárí ayé, èyí tó bá gba ìtọ́jú tó kọjá ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ wà lára àwọn tí wọ́n ń kà. Kí wọ́n fọ ojú ọgbẹ́ kí wọ́n lẹ báńdéèjì mọ́ ọn, wọn ò ka ìyẹn. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì nìkan, wọn ò kà á. Kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ọgbẹ́, wọ́n kà á, ìdí nìyẹn tí ẹni tí irin gé fi wọ inú iye wa bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá sì ń ka ọjọ́ tí ẹnì kan fi sílé, ọjọ́ tó farapa gangan ò sí nínú ẹ̀, látọjọ́ kejì ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan kú lórí iṣẹ́ tí mo ṣe. Ṣé kí n yọ iṣẹ́ yẹn kúrò ni?

Ẹ má yọ ọ́ kúrò. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tó tóbi jù tẹ́ ẹ ti ṣe, àlàfo ọdún méjì nínú síívì á mú ìbéèrè wá, ikú níbi iṣẹ́ kì í sì í ṣe ohun tó fara sin. Ẹ kọ iṣẹ́ náà bẹ́ ẹ ṣe ń kọ ìyókù, ẹ kọ apá tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ má fi iye ààbò kankan tó yọ ikú yẹn sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má sọ ẹjọ́ rẹ̀ nínú síívì, kò gba ibẹ̀, ó sì lè wà nílé ẹjọ́ títí di ìsinsìnyí. Tí wọ́n bá bi yín lójúkojú, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ wà lọ́jọ́ yẹn, àti ohun tó yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ dẹ̀ má dárúkọ olóògbé fẹ́nikẹ́ni.

Iṣẹ́ yíyàwòrán ni mò ń ṣe, mi ò gbé sáìtì. Kí ni kí n kọ síbi ààbò?

Ẹ má yá TRIR kọntirakítọ̀ lò, kì í ṣe tiyín. Ohun tó jẹ́ tiyín ni ewu tẹ́ ẹ mú kúrò láti orí ìwé. Fún àpẹẹrẹ, ẹ yí àwòrán òpó padà kí wọ́n lè so gbogbo àgò irin rẹ̀ lórí ilẹ̀, kí kíréènì wá gbé e dúró lẹ́ẹ̀kan, dípò káwọn èèyàn máa so irin lókè fún ọ̀sẹ̀ gbáko. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ohun tẹ́ ẹ yí padà, iṣẹ́ eléwu tí wọn ò ní láti ṣe mọ́. Ẹ tún lè kọ ìdè tẹ́ ẹ fi sórí òrùlé káwọn tó ń tún nǹkan ṣe lè so okùn ara wọn mọ́ ọn. Kò gba iye kankan.

Àwọn tó wà ní sáìtì náà lè fi irú èyí kún tiwọn o. Níbi afárá wa, okùn kan já nígbà tí wọ́n ń gbé àgò irin, kò bà ẹnikẹ́ni. Ẹnjiníà wa dá gbígbé dúró fún ọjọ́ 2, wọ́n yí gbogbo okùn padà, wọ́n sì ń fi ìwé àyẹ̀wò wo okùn láràárọ̀ láti ìgbà náà. Gbólóhùn yẹn wúlò ju 1.67 lọ, torí ó fi bó ṣe ń ronú hàn.

Láísẹ́ǹsì mi ńkọ́, ibo ló ń gbé nínú síívì?

Ibi méjì. Lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín: irú ìforúkọsílẹ̀ náà, ẹni tó fún yín, nọ́ńbà, ẹ̀ka iṣẹ́, ọdún tẹ́ ẹ gbà á, àti pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ibì kejì ni inú ìrírí fúnra rẹ̀, níbi tẹ́ ẹ ti lò ó: «mo fọwọ́ sí àwòrán ìpìlẹ̀ 14, mo sì lu òǹtẹ̀ mi sí i.» Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ ti òkè nìkan, ti ìsàlẹ̀ yẹn ló dẹ̀ ń fi hàn pé ẹ ti gbé ẹrù iṣẹ́ rí.

Ẹ má da orúkọ oyè pọ̀ mọ́ra. Láísẹ́ǹsì PE ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fúnni, torí náà ẹ kọ ìpínlẹ̀ tó fún yín, ti ìpínlẹ̀ kan ò fún yín láṣẹ láti lu òǹtẹ̀ níbòmíì. CEng ní Bìrìtéènì jẹ́ oyè tó wà nínú ìwé Engineering Council, kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú PE. Ní Nàìjíríà, COREN ló ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà lára sátífíkéètì yín gẹ́lẹ́, torí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò máa lọ wá orúkọ yín nínú ìwé àwọn tó forúkọ sílẹ̀, tí orúkọ inú síívì bá sì yàtọ̀ sí ti ibẹ̀, bóyá ẹ ti lo orúkọ ọkọ tàbí ẹ fi orúkọ àárín sílẹ̀, ó lè má rí yín.

Àárín iṣẹ́ ni mo gba láísẹ́ǹsì. Ṣé mo lè kọ gbogbo ẹ̀ bíi pé mo ti ní in látìbẹ̀rẹ̀?

Rárá o. Ẹ pín in sí méjì pẹ̀lú ọjọ́: títí di oṣù báyìí, lábẹ́ àbójútó ẹnjiníà tó ní láísẹ́ǹsì, láti oṣù báyìí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ pé lílo orúkọ oyè yẹn fún ìgbà tẹ́ ò tíì gbà á jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, ìgbìmọ̀ tó fún yín sì lè bá yín wí fún un.

Tèmi ti kọjá ọjọ́, mi ò tíì tún un ṣe.

Ẹ kọ ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tó parí. Ẹ má kọ «mo ní láísẹ́ǹsì». Tẹ́ ẹ bá ti fi ìwé àtúnṣe ránṣẹ́, ẹ lè kọ pé ó wà lọ́wọ́ wọn.

Ilé iṣẹ́ mi ní kí n má sọ orúkọ kíláyẹ́ǹtì. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ yọ orúkọ àti ibi tó wà, ẹ fi ìwọ̀n sílẹ̀. «Afárá ojú ọ̀nà lórí odò, mítà 180» ò tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Tí ìwọ̀n gan-an bá lè jẹ́ kí wọ́n mọ ibẹ̀, ẹ lo «láàárín mítà 150 sí 200». Iye owó tí wọ́n ní kẹ́ ẹ má sọ, ẹ má sọ ọ́ rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ fún wa bó ṣe máa rí tó bá parí.

Ó rèé:

Ẹnjiníà àgbà, iṣẹ́ ìpìlẹ̀. Afárá ojú ọ̀nà lórí odò, mítà 180, abala 6 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 30. Oṣù kejì 2017 sí oṣù kẹjọ 2018.

Mo darí iṣẹ́ páìlì 48 tí a gbẹ́ (fífẹ̀ mítà 1.2, jíjìn mítà 25 ní ìpíndọ́gba, kọnkéré nǹkan bíi mítà kúbíìkì 1,360) pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 60, pa pọ̀ mọ́ ti kọntirakítọ̀ kékeré.

Mo fọwọ́ sí àwòrán ìpìlẹ̀ 14 lábẹ́ òǹtẹ̀ mi. Mo ti ní láísẹ́ǹsì láti 2016, ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ààbò: wákàtí 240,000, ìpalára 2, ọ̀kan nínú wọn gba ọjọ́ 9 nílé, TRIR 1.67 fún wákàtí 200,000, gbogbo sáìtì. Mo dá gbígbé àgò irin dúró ọjọ́ 2 lẹ́yìn tí okùn kan já, mo yí okùn padà, mo sì bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò okùn àràárọ̀.

Ṣé gbogbo iṣẹ́ ni mo máa kọ báyìí?

Méjì tàbí mẹ́ta tó súnmọ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń wá jù ni. Ìyókù, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: irú iṣẹ́, ìwọ̀n kan, ipò yín, ọdún. Àmọ́ ẹ tọ́jú ìwé wákàtí àti ìpalára gbogbo wọn sílé, torí tí wọ́n bá pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe rí 1.67.